Iyán, Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí àti Fọ́tò: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin Tí A Fi Ń Díwọ̀n Oúnjẹ àti Kálórì

Ẹni tí dókítà ní kí ó máa kọ ohun tí ó bá jẹ sílẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí ó fẹ́ kí ara òun fúyẹ́, kì í gbé òṣùwọ̀n dání lọ sí búkà. Fóònù ni ó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ya fọ́tò àwo rẹ̀, yóò jẹun tán, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa bi ara rẹ̀ léèrè pé iyán tí òun jẹ yẹn tó gíráàmù mélòó, kálórì mélòó sì ni ó fún òun. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà tí ó lè fi wá ìdáhùn: ó lè fi káàdì báńkì sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ kí ó sì ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, ó lè gbé fọ́tò náà fún áàpù tí ń ka kálórì, ó lè lo fóònù tí ó ní ẹ̀rọ tí ń wọn bí nǹkan ti jìnnà tó, ó sì lè fi fọ́tò náà wé àwọn àwòrán oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ̀n tẹ́lẹ̀.

Àwo kan ni mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra yìí: iyán kan, abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan, àti ẹran màlúù méjì. Mo yàn án nítorí pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà níbẹ̀ kò jọra lójú kámẹ́rà. Iyán ní ìrísí tí ó ṣeé wọ̀n. Ọbẹ̀ fi jíjìn rẹ̀ pamọ́ sínú abọ́, ó sì tún fi epo inú rẹ̀ pamọ́. Ẹran kéré débi pé, bí a bá tilẹ̀ ṣì í díwọ̀n, kò ní yí àròpọ̀ padà púpọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń díwọ̀n oúnjẹ láti inú fọ́tò ń dáhùn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Kí ni oúnjẹ náà? Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Kálórì mélòó ni ó wà nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó ṣòro jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yin áàpù tí ó bá dá oúnjẹ mọ̀ ní orúkọ. Èrò tèmi yàtọ̀ sí èyí. Bí áàpù bá wo iyán tí ó sì pè é ní ọ̀dùnkún gígún, àṣìṣe náà kò tó nǹkan, nítorí pé kálórì inú gíráàmù 100 ọ̀dùnkún gígún tí wọ́n fi mílíìkì àti bọ́tà sí kò jìnnà sí ti iyán. Ṣùgbọ́n bí ó bá pè é ní iyán gan-an, tí ó wá sọ pé gíráàmù 250 ni nígbà tí ó jẹ́ 475, ó ti gbé ìdajì oúnjẹ náà sọnù pẹ̀lú orúkọ tí ó tọ̀nà.

Ìdí tí bí oúnjẹ ti pọ̀ tó fi ṣòro ni pé fọ́tò kan ṣoṣo kò mọ bí nǹkan ti tóbi tó. Iyán kékeré tí kámẹ́rà sún mọ́ àti iyán ńlá tí kámẹ́rà jìnnà sí lè jọ ara wọn pátápátá nínú àwòrán. Ohun tí ó tún mú un burú ni pé àṣìṣe kékeré lórí ìbú kì í dúró ní kékeré. Bí a bá rò pé iyán fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bí ó ti rí lọ, a ó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Nígbà tí a bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, 1.1 × 1.1 × 1.1 yóò fún wa ní 1.33, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti fi ìdá mẹ́ta iyán náà kún un láìmọ̀.

Káàdì báńkì àti rúlà

Ọ̀nà yìí kò ná wa lówó kankan, òun sì ni mo fọkàn tán jù fún òkèlè tí a bá jẹ níta. Gbogbo káàdì ATM káàkiri ayé ni wọ́n ṣe ní ìwọ̀n kan náà: gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 85.6, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 54. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé káàdì sínú fọ́tò ti gbé rúlà síbẹ̀.

Fọ́tò méjì ni a nílò. A ó ya àkọ́kọ́ láti òkè gan-an, kí káàdì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán. A ó ya èkejì láti ẹ̀gbẹ́, kí fóònù sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí àwo wà, kí káàdì sì dúró lóòró kí ó fara ti iyán náà. Kí fóònù jìnnà tó ìwọ̀n apá kan sí oúnjẹ, nítorí pé kámẹ́rà tí ó bá sún mọ́ jù máa ń sọ ohun tí ó wà níwájú di ńlá ju ohun tí ó wà lẹ́yìn lọ.

Ibi tí káàdì wà ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kámẹ́rà wà ní sẹ̀ntímítà 40 sókè tábìlì, tí káàdì dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n tí ojú oúnjẹ fi sẹ̀ntímítà 5 ga ju tábìlì lọ. Oúnjẹ náà sún mọ́ kámẹ́rà ju káàdì lọ, yóò sì dà bí ẹni pé ó fi ìlọ́po 40 ÷ 35, ìyẹn 1.14, fẹ̀ sí i. Ojú oúnjẹ tí ó jẹ́ 1.14 ní gígùn àti ní ìbú yóò di 1.3 ní àpapọ̀. Ìdá mẹ́ta ni a tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kún oúnjẹ yìí, kìkì nítorí pé a kò gbé káàdì dé ibi tí ó yẹ. Orí àwo ni kí káàdì wà, ní ìpele ìdí iyán, níbi tí iyán ti fẹ̀ jù.

Ìṣirò náà kò le. A ó ṣí fọ́tò òkè lórí fóònù láìfà á tóbi, a ó sì gbé rúlà lé ojú rẹ̀. Bí káàdì bá gùn tó sẹ̀ntímítà 4.3 lórí ojú fóònù, tí iyán sì fẹ̀ tó 6, nígbà náà iyán gan-an fẹ̀ tó 6 ÷ 4.3 × 8.56, èyí tí ó jẹ́ sẹ̀ntímítà 12. A ó ṣe bákan náà lórí fọ́tò ẹ̀gbẹ́: bí káàdì tí ó dúró lóòró bá jẹ́ 4.3, tí gíga iyán sì jẹ́ 3, iyán ga tó sẹ̀ntímítà 6. Iyán tí a rọ sínú àwo dà bí ìdajì bọ́ọ̀lù, a ó sì rí iye àyè tí ó gbà báyìí, níbi tí 6 méjì àkọ́kọ́ ti jẹ́ ìdajì ìbú rẹ̀, tí ìkẹta sì jẹ́ gíga rẹ̀:

```
2 ÷ 3 × 3.14 × 6 × 6 × 6 = 452
```

Mílílítà 452 nìyẹn. Iyán tí a gún kúnná kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú, nítorí náà mílílítà kan rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju gíráàmù kan lọ. Bí a bá lo 1.05, a ó rí nǹkan bíi gíráàmù 475. Iṣu sísè máa ń ní kálórì 116 nínú gíráàmù 100, omi tí a fi gún iyán sì lè dín in kù díẹ̀. Bí a bá mú 115, kálórì iyán yìí jẹ́ nǹkan bíi 546.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bí ìṣirò yìí bá ti ṣìnà? Kí a tún un ṣe pẹ̀lú ìbú tí ó fi sẹ̀ntímítà kan pọ̀ sí i. Iyán tí ó fẹ̀ tó 13 dípò 12, tí gíga rẹ̀ kò yí padà, yóò di mílílítà 531, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ wa kò dá wa lójú tó sẹ̀ntímítà kan, kí a kọ kálórì náà sílẹ̀ bí àlàfo, láti 450 dé 640, kí a má sì kọ 546 bí ẹni pé òṣùwọ̀n ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà káàdì ní ibi tí kò ti wúlò. Ìrẹsì ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ife ìrẹsì funfun sísè kan tí ó gba mílílítà 240 máa ń wúwo tó gíráàmù 158, pẹ̀lú kálórì bíi 205, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà láàárín ẹyọ ìrẹsì. Ẹni tí ó bá fi 1.05 tí a lò fún iyán ṣe ìṣirò ìrẹsì yóò fi ju ìdajì lọ kún un. Òkìtì ìrẹsì kì í sì í ní ìrísí kan pàtó: ọwọ́ ẹni tí ó bù ú lè ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì lè ti fi í sílẹ̀ ní fífúyẹ́.

Áàpù tí ń ka kálórì láti inú fọ́tò

Ohun tí áàpù fi ju káàdì lọ ni ìyára. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó ń gbà, kò sì béèrè rúlà. Fún ẹni tí kò ní kọ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ rárá bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú àkójọ àwòrán tí àwọn olùwádìí ti lò jù láti kọ́ kọ̀ǹpútà ní oúnjẹ ni Food-101, tí ó jáde ní ọdún 2014 láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú Súríìkì. Irú oúnjẹ 101 ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán 1,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Písà wà níbẹ̀, súṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iyán, àmàlà, ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, orúkọ oúnjẹ nìkan ni àkójọ yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà, kò sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Gúgù gbé Nutrition5k jáde, níbi tí wọ́n ti wọn nǹkan bí àwo oúnjẹ 5,000 lórí òṣùwọ̀n bí wọ́n ti ń bu oúnjẹ náà sí i. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ ní Kalifọ́níà ni àwọn àwo náà ti wá. Áàpù tí ó bá ti irú orísun bẹ́ẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kò tíì rí ọbẹ̀ tí epo pupa rẹ̀ lé téńté sókè.

Nígbà tí áàpù kò bá mọ bí oúnjẹ ti pọ̀ tó, kì í sábà sọ pé òun kò mọ̀. Yóò mú ìwọ̀n tí ó wà ní àárín gbùngbùn gbogbo ohun tí ó ti rí, tàbí ìwọ̀n kan tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ènìyàn ń jẹ. A lè dán an wò láìná kọ́bọ̀: kí a ya iyán kékeré kan àti iyán kan tí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àwo kan náà, kí a sì wo ìdáhùn. Bí ìdáhùn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, orúkọ oúnjẹ nìkan ni áàpù náà ń kà, kò wo bí ó ti pọ̀ tó. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ ṣì wúlò bí ó bá gbà kí a fi ọwọ́ ara wa tẹ gíráàmù tí a rí nípasẹ̀ káàdì sínú rẹ̀. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, èmi kò ní lò ó fún òkèlè.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ojú ènìyàn pàápàá máa ń ṣe àṣìṣe. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé nígbà tí a bá ń fojú díwọ̀n, a máa ń sọ oúnjẹ kékeré di púpọ̀, a sì máa ń sọ oúnjẹ púpọ̀ di kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń jẹun púpọ̀ gan-an ni ojú rẹ̀ yóò tàn jẹ jù.

Fóònù tí ń wọn jíjìnnà

Láti ọdún 2020, ẹ̀yà áífóònù tí wọ́n ń pè ní Pro ti ní ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́yìn tí ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí jáde, tí ó sì ń fi àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ náà fi padà mọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: ó mọ gíga iyán láìsí káàdì, ó sì lè wọn òkìtì ìrẹsì tí kò ní ìrísí kan pàtó. Fún ìrẹsì, ó dára ju ọ̀nà káàdì lọ.

Àléébù rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ó wọ́n. Kì í rí ìdí abọ́, nítorí náà ojú ọbẹ̀ nìkan ni ó ń wọ̀n. Bákan náà, ohun tí ó bá ń dán tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá máa ń da irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láàmú, iyán inú láílọ́ọ̀nù àti epo tí ó lé sórí ọbẹ̀ sì jẹ́ irú wọn gan-an. Kí a tú láílọ́ọ̀nù kúrò kí a tó ya á. Ẹni tí ó bá ti ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ kí ó lò ó. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á nítorí oúnjẹ.

Àwòrán àfiwé tí a fúnra wa yà

Ní ilé ìwádìí Pennington ní Lùísíánà, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọ̀nà kan níbi tí ènìyàn ti ń fi fóònù ya oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó jẹ ẹ́ àti lẹ́yìn tí ó bá jẹ ẹ́ tán, tí àwọn tí a ti kọ́ níṣẹ́ sì ń fi fọ́tò náà wé àwòrán oúnjẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ ti wà nílẹ̀. A lè ṣe tiwa nílé. Kí a yá òṣùwọ̀n ilé ìdáná tàbí kí a rà á, kí a mú àwo tí a máa ń fi jẹun lójoojúmọ́, kí a bu ìrẹsì gíráàmù 100 sí i, kí a ya á láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kí a fi kún un di 200, kí a tún ya á, títí dé 500. Ọ̀sán kan péré ni iṣẹ́ náà.

Fún oúnjẹ ilé, èyí ni mo yàn ṣáájú gbogbo wọn. Àwo kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó ń bù ú, ìrẹsì kan náà ni a ń sè, nítorí náà gbogbo ohun tí ń ṣi káàdì àti áàpù lọ́nà kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí a bá pààrọ̀ àwo ni ó ń bàjẹ́: oúnjẹ kan náà máa ń kéré lójú nínú àwo fífẹ̀.

Ọbẹ̀, níbi tí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kùnà

Bí ọbẹ̀ inú abọ́ ti pọ̀ tó ṣeé mọ̀. Kí a rántí ibi tí ọbẹ̀ dé nínú abọ́ nípasẹ̀ fọ́tò ẹ̀gbẹ́, kí a bu omi sí irú abọ́ náà dé ibẹ̀, kí a sì da omi náà sínú ife tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ó jẹ́ mílílítà 300. Ọbẹ̀ náà yóò tó nǹkan bíi gíráàmù 300.

Èyí tí fọ́tò kò lè sọ ni epo. Ẹ wo ìkòkò kan: ẹ̀gúsí lílọ̀ gíráàmù 300 ní nǹkan bíi kálórì 1,670; epo pupa mílílítà 200, tí ó wúwo tó gíráàmù 182, ní 1,610; ata, àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ àti edé kó nǹkan bíi 410 jọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,690. Bí ọbẹ̀ náà, láìka ẹran, bá wúwo tó gíráàmù 2,400 nígbà tí ó jinná, kálórì 154 ni ó wà nínú gíráàmù 100, abọ́ wa sì gba 461. Ká ní ẹni tí ó sè é da epo mílílítà 400 sí i dípò 200, abọ́ kan náà yóò di nǹkan bíi 616. Ẹ̀gúsí máa ń fa epo mọ́ra, nítorí náà fọ́tò méjèèjì lè má yàtọ̀ débi tí ojú tàbí áàpù yóò fi mọ̀. Ìyàtọ̀ 155 yẹn ju ohun tí sẹ̀ntímítà kan ṣe sí iyán wa lọ.

Nítorí náà, nílé, ìdí ìkòkò ni a ti ń ṣírò ọbẹ̀: kí a wọn epo àti ẹ̀gúsí nígbà tí a ń sè é, kí a wọn ìkòkò lófìfo àti nígbà tí ó kún, kí a sì kọ kálórì inú gíráàmù 100 sára ìdérí rẹ̀. Ní búkà, kí a fi ọ̀wọ̀ bi ẹni tí ó sè é bí epo ṣe pọ̀ tó. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí a kọ 460 sí 620 sílẹ̀. Bí a bá wá fi ẹran sísè méjì tí ó tó gíráàmù 80 kún un, ìyẹn kálórì bíi 200, gbogbo àwo wa wà ní àyíká 1,200, tàbí kí ó sún mọ́ 1,360 bí epo bá pọ̀.

Ẹ̀bà ní irú ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n omi ni ó fà á. Gàrí gíráàmù 100 ní kálórì bíi 350. Bí a bá fi omi gíráàmù 150 tẹ̀ ẹ́, ẹ̀bà náà yóò ní 140 nínú gíráàmù 100. Bí omi bá jẹ́ 250, yóò di 100. Òkèlè méjì tí ó rí bákan náà nínú fọ́tò lè fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, àmàlà náà kò sì yàtọ̀. Nílé, gàrí ni kí a wọ̀n kí a tó tẹ̀ ẹ́. Níta, kí a fi ìka kan òkèlè náà: bí ó bá le, kí a mú 140, bí ó bá rọ̀ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí a mú 100.

Èwo ni kí a mú

Ẹni tí ó ń jẹun nílé lọ́pọ̀ ìgbà kí ó mú àwòrán àfiwé fún ìrẹsì àti òkèlè, kí ó sì fi ìṣirò ìkòkò kún un fún ọbẹ̀. Ẹni tí búkà ni ó ti ń jẹun kí ó mú káàdì. Ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn áàpù nìkan pinnu iye oògùn tí yóò gbà, nítorí pé iye sítáàṣì inú iyán gan-an ni ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Kí ó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ ọ̀nà tí ó ń lò àti bí àṣìṣe rẹ̀ ti lè tóbi tó. Áàpù dára fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nítorí pé bí ó bá ń ṣìnà lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, ìyàtọ̀ yóò ṣì hàn níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ kò bá yí padà púpọ̀.

Ọ̀nà yòówù kí a mú, kí a ya fọ́tò kẹta nígbà tí a bá jẹun tán, pẹ̀lú káàdì ní ibi kan náà. Eegun, ọbẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú abọ́ àti òkèlè tí a kò lè jẹ tán yóò wà níbẹ̀, a ó sì yọ wọ́n kúrò nínú ohun tí a kọ sílẹ̀.